Pípàtẹ Géèmù Ayò fún Ẹni Tí Kò Mọ Ayò

Ẹni tó ń wá eré ayò lórí fóònù kì í sábà fi àmì ohùn sí i. `ayo` lásán ni ọ̀pọ̀ Yorùbá ń tẹ̀. Ará Gánà tó ń wá irú eré yìí yóò tẹ `oware`. Àwọn tó ń sọ Faransé ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà yóò tẹ `awale`. Ará Ántígúà yóò tẹ `warri`, bí ẹni ń wá ọkọ̀ lọ sí ìpínlẹ̀ Dẹ́ltà. Ará Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ yóò tẹ `mancala`, orúkọ tí wọ́n fi ń pe gbogbo ẹbí eré yìí níbẹ̀. Ẹbí kan ni gbogbo wọn, àmọ́ ẹ̀rọ tó ń wá nǹkan lórí fóònù kò mọ ẹbí. Ohun tí wọ́n bá kọ sí i ló mọ̀.

Ká ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan n'Íbàdàn ti ṣe géèmù ayò tán. Ọpọ́n rẹ̀ ní ihò 12, ọmọ ayò mẹ́rin wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, èèyàn sì ń gbọ́ bí ọmọ ayò ṣe ń ró bó ti ń bọ́ sínú ihò. Ipele méjì ló ní, Òpè àti Ọ̀ta. Ó fẹ́ gbé e lọ sórí Google Play fún àwọn tó ń lo Android, àti sórí App Store fún àwọn oní-iPhone. Ohun tó kù ni àtẹ, ìyẹn ojú ìwé tí oníbàárà ń wò kó tó pinnu bóyá kí òun ná dátà òun lé e lórí: orúkọ, àlàyé, àwòrán àti àmì ọjọ́ orí. Ó ti ní orúkọ lọ́kàn, “Ìjàkadì Àwọn Ọ̀ta”. Orúkọ náà dùn. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó ń wá a.

Ìsọ̀ méjèèjì fún orúkọ ní àyè lẹ́tà 30 péré, àlàfo tó wà láàárín ọ̀rọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, 50 ni ti Google. Ọdún 2021 ni wọ́n gé e kù. Nínú àyè tóóró yẹn, orúkọ bíi `Yoruba Ayo: Mancala Board Game` wọlé géérégé, lẹ́tà 30 láìṣẹ́kù. Kò ládùn tó ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ọmọ Yorùbá ń tẹ̀ wà nínú rẹ̀, èyí tí ará Amẹ́ríkà ń tẹ̀ wà níbẹ̀, àti èyí tí ẹni tó kàn fẹ́ eré orí ọpọ́n yóò tẹ̀. “Ìjàkadì Àwọn Ọ̀ta” lè di orúkọ ìdíje tó wà nínú géèmù náà, pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀. Ohun kan tí kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kó kọ `BEST AYO GAME - FREE` sórí Google Play. Òfin wọn kọ lẹ́tà gàdàgbà jákèjádò, ó kọ àwòrán ẹ̀rín, ó sì kọ ọ̀rọ̀ tó ń pe ara rẹ̀ ní àkọ́kọ́ tàbí tó ń pariwo pé ọ̀fẹ́ ni.

Lẹ́yìn orúkọ ni ọ̀nà ìsọ̀ méjèèjì ti pínyà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣe èyí fún ìgbà àkọ́kọ́ ti ń ṣìnà. Google kò ní àpótí kankan fún ọ̀rọ̀ ìwákiri. Inú orúkọ, inú àlàyé kúkúrú tí kò gbọ́dọ̀ ju lẹ́tà 80 lọ, àti inú àlàyé gígùn tó lè dé 4,000, ni ó ti ń ṣa ọ̀rọ̀. Nítorí náà, àlàyé kúkúrú ní láti jẹ́ gbólóhùn tí èèyàn lè kà, kí ọ̀rọ̀ ìwákiri sì fara pamọ́ sínú rẹ̀:

```
Play ayo on a 12-hole board: against the phone or a friend, no internet needed.
```

Lẹ́tà 79 nìyẹn. Gbólóhùn tó parí rẹ̀, pé eré náà kò nílò íńtánẹ́ẹ̀tì, lágbára ju ìyìn èyíkéyìí lọ fún ẹni tó ń ka dátà rẹ̀ bí owó ọkọ̀. Nínú àlàyé gígùn, `oware` àti `awale` lè wọlé níbi tí òǹkọ̀wé ti ń sọ bí wọ́n ṣe ń pe eré náà nílẹ̀ mìíràn. Bó bá to orúkọ mẹ́wàá jọ bí ẹni to iṣu sórí ẹ̀bá, tàbí tó pe `mancala` nígbà ogún, Google kà á sí ìwà àrékérekè, wọ́n sì lè kọ àtẹ náà.

Ti Apple yàtọ̀. Apple ní àpótí kan tí oníbàárà kì í rí, lẹ́tà 100 ni àyè rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìwákiri nìkan ló sì wà fún. Orúkọ géèmù, àkọlé kékeré abẹ́ rẹ̀ àti àpótí yìí ni ìwákiri wọn gbára lé, kì í ṣe àlàyé gígùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa lè kọ ọ́ báyìí:

```
oware,olopon,awale,warri,african,nigeria,seeds,offline,strategy,two,player,family,classic
```

Lẹ́tà 89 ni. Ẹ wò ó pé kò sí àlàfo lẹ́yìn kọ́mà. Bó bá fi àlàfo kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀yìn kọ́mà 12 tó wà níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ilé ìwé ṣe kọ́ wa, àpapọ̀ á di 101, àpótí kò sì ní gbà á. Ẹ tún wò ó pé `ayo`, `mancala`, `yoruba`, `board` àti `game` kò sí nínú rẹ̀. Wọ́n ti wà nínú orúkọ, Apple yóò sì so ọ̀rọ̀ orúkọ mọ́ ti àpótí fúnra rẹ̀, débi pé ẹni tó bá tẹ `african board game` lè bá a pàdé. Pípè wọ́n lẹ́ẹ̀kejì jẹ́ fífi àyè ṣòfò. Orúkọ géèmù ẹlòmíràn kò sì gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀, bó ti wù kó lókìkí tó.

Àwòrán ló kàn. Lórí Android, èèyàn á tẹ bọ́tìnì tí wọ́n fi ń pa fóònù pọ̀ mọ́ èyí tó ń dín ohùn kù, àwòrán ojú fóònù á sì wọlé. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa ya márùn-ún, ó gbé wọn lọ sí Google Play, Google sì dá gbogbo wọn padà. Fóònù tuntun ló fà á. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gùn, ojú wọn jẹ́ píkísẹ́lì 1080 ní ìbú àti 2400 ní gígùn, bẹ́ẹ̀ òfin Google sọ pé gígùn àwòrán kò gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po méjì ìbú rẹ̀ lọ. Ìlọ́po méjì 1080 jẹ́ 2160. Oògùn rẹ̀ ni kó gé 480 kúrò, kó ku 1920 sí 1080, èyí tí Google fúnra wọn ń fẹ́ fún géèmù. Nígbà tó bá ń gé e, kó gé òkè níbi tí aago, bátìrì àti àmì iṣẹ́ ránṣẹ́ wà. Oníbàárà kò nílò láti mọ̀ pé bátìrì rẹ̀ ti kù díẹ̀.

Méjì ni àwòrán tó kéré jù tí Google ń gbà, mẹ́jọ ló pọ̀ jù fún fóònù. Apple ń gba mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n iye wọn kọ́ ló ṣòro, bí kò ṣe bí wọ́n ṣe máa dúró. Ọpọ́n ayò gùn ní ìbú, nítorí náà fóònù tó dùbúlẹ̀ ló bá a mu. Nínú èsì ìwákiri App Store, àwòrán tó dúró lè tò mẹ́ta, àmọ́ èyí tó dùbúlẹ̀, ẹyọ kan péré ló ń hàn. Ẹyọ kan yẹn ló máa sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi ojú ewé ìbẹ̀rẹ̀ ṣe é, tí orúkọ géèmù àti bọ́tìnì ìbẹ̀rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ìyẹn kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò mọ ayò rí. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni àárín eré gan-an: ọwọ́ tó ń pín ọmọ ayò, ihò méjì tó fẹ́ di jíjẹ, àti ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún lókè tó sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ náà má gba ju ìdá kan nínú márùn-ún àwòrán lọ.

Àmì ọjọ́ orí ni wọ́n máa ń fi ìkánjú ṣe jù, òun náà ló sì lè ba nǹkan jẹ́ jù. Kì í ṣe ẹni tó ṣe géèmù ló ń yan iye ọdún. Google Play á gbé fọ́ọ̀mù ìbéèrè àjọ IARC síwájú rẹ̀: ṣé ìwà ipá wà níbẹ̀, ìhòòhò, èébú, oògùn olóró, tẹ́tẹ́? Èsì kan náà ni wọ́n fi ń yọ àmì fún ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ESRB fún Amẹ́ríkà, PEGI fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ClassInd fún Bùràsíìlì. Ibi tí kò bá ní àjọ tirẹ̀ níbẹ̀, bíi Nàìjíríà, á gba àmì IARC fúnra rẹ̀. A lè máa sọ pé ọ̀ta pa òpè láyò, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu nìyẹn. Ohun tó hàn lójú fóònù ni fọ́ọ̀mù ń béèrè, ọmọ igi tó ń bọ́ sínú ihò kò sì pa ẹnikẹ́ni. Géèmù yìí yóò gba 3 ní Nàìjíríà àti E, ti tọmọdé tàgbà, ní Amẹ́ríkà.

Ó wá ku ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sọ pé kó fi kálòkálò kékeré sí i, kí àwọn òṣèré lè máa yí i láràárọ̀ kí wọ́n fi jẹ ẹyọ wúrà. Kò sí owó gidi níbẹ̀, àwàdà lásán ni. Fọ́ọ̀mù kò mọ àwàdà. Kálòkálò jẹ́ àfarawé tẹ́tẹ́, yálà wọ́n ń san owó tàbí wọn kò san. Ní Amẹ́ríkà, irú rẹ̀ sábà máa ń gba T, ọmọ ọdún 13 sókè. Ní Yúróòpù, láti 2020, PEGI ń fi 18 lu géèmù tuntun tó bá ń kọ́ni ní irú tẹ́tẹ́ tí wọ́n ń ta nílé tẹ́tẹ́. Eré tí bàbá àgbà ń bá ọmọ ọmọ rẹ̀ ta lábẹ́ igi wá di ohun àgbà ní Yúróòpù nítorí kẹ̀kẹ́ kan tó ń yí. Bó bá sì dáhùn pé kò sí tẹ́tẹ́ nígbà tó wà níbẹ̀, àjọ náà lè yí àmì rẹ̀ padà, Google sì lè yọ géèmù náà kúrò. Ìgbàkigbà tí àtúnṣe bá yí ohun tó wà nínú géèmù padà, fọ́ọ̀mù tuntun ló yẹ kó kọ.

Àmì 3 yìí kò sì sọ pé ọmọdé ni wọ́n ṣe géèmù náà fún. Ojú ewé mìíràn ni Google ti ń béèrè àwọn tí wọ́n ń ta á fún. Ẹni tó bá mú ọmọ tí kò tíì pé 13 níbẹ̀ ti wọ abẹ́ òfin àwọn ọmọdé, kìkì iléeṣẹ́ ìpolówó tí Google fọwọ́ sí ló sì lè fi ìpolówó hàn wọ́n.

Ẹni tó bá ṣí àkáǹtì tuntun ti ara rẹ̀ ní Google Play yóò san dọ́là 25 lẹ́ẹ̀kan péré, yóò sì kó èèyàn 12 jọ láti dán géèmù náà wò fún ọjọ́ 14 léraléra kó tó lè béèrè àyè láti tà á fún gbogbo ayé. Ẹ má jẹ́ kí àwọn 12 yẹn kàn ta ayò lásán. Kí ẹ tó fi orúkọ géèmù hàn wọ́n, ẹ ṣàpèjúwe eré náà fún wọn, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ohun tí yóò tẹ̀ bó bá fẹ́ wá a lórí fóònù, kí ẹ sì kọ èsì wọn sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́, àti àṣìkọ rẹ̀.