Àwọn Wo Ni Òfin Náà Yọ Sílẹ̀?

Ní oṣù kìíní ọdún 2024 ni ilé-iṣẹ́ Microsoft kéde pé àwọn amí orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba Rọ́ṣíà ti wọ inú ímeèlì àwọn ọ̀gá wọn kan. Láti ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2023 ni wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Wọ́n ń mú àwọn ọ̀rọ̀ aṣínà tó wọ́pọ̀, wọ́n ń dán an wò lára àkáǹtì díẹ̀ díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà fura, títí ọ̀kan fi ṣí fún wọn. Àkáǹtì ìdánwò àtijọ́ kan ni, tí kò béèrè ẹ̀rí kejì lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wọlé. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti rí áàpù àtijọ́ kan tí agbára rẹ̀ dé inú ilé-iṣẹ́ gan-an.

Ẹ̀rí kejì tí mo ń sọ yìí ni ohun tí kọ̀ǹpútà máa ń béèrè lẹ́yìn ọ̀rọ̀ aṣínà: nọ́ńbà tó wọlé sórí fóònù, ìtẹ̀ka, tàbí kọ́kọ́rọ́ kékeré tí a ń kì bọ ara kọ̀ǹpútà. Ní ilé-iṣẹ́, ilé-ìwé àti ìjọ tó ń lo ímeèlì Microsoft, Entra ID ló ń bi olúkúlùkù pé, “Ta nìyẹn?” kó tó jẹ́ kó wọlé. Àwọn tí ìbéèrè yìí gbọ́dọ̀ le jù fún ni àwọn alábòójútó, nítorí àwọn ló lè yí ọ̀rọ̀ aṣínà ẹlòmíì padà, tí wọ́n sì lè ṣí àpótí ímeèlì tí kì í ṣe tiwọn.

Ojú ewé tí wọ́n ń pè ní Conditional Access ni a ti ń kọ òfin ìwọlé. Òfin kọ̀ọ̀kan ń sọ ẹni tó kàn, ohun tí ẹni náà fẹ́ ṣí, ibi tó ti ń bọ̀ àti ohun tí a ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé àṣẹ P1 ni a ń sanwó fún kí ojú ewé yìí tó ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò bá ní in lè tan Security defaults, tí kì í gba kọ́bọ̀, tó sì ń béèrè ẹ̀rí kejì lọ́wọ́ àwọn alábòójútó fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ilé-iṣẹ́ kan tó ní òṣìṣẹ́ 200 àti alábòójútó mẹ́fà. Ẹ ṣí Conditional Access wọn, ẹ bá òfin tí wọ́n pè ní `Require multifactor authentication for admins`, wọ́n sì ti kọ `On` sí i lára. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò ló máa ń dúró síbẹ̀, tí wọ́n á sàmì pé ó ti tọ́. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ tẹ `Users`, kí ẹ kọ́kọ́ wo abala `Include`. Ipò 14 ni Microsoft yàn sínú àwòṣe òfin yìí, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ti ilé-iṣẹ́ yìí mú `Global Administrator` nìkan. Ẹni méjì péré nínú àwọn mẹ́fà ló wà ní ipò náà. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tó kù jẹ́ `Privileged Authentication Administrator`, ipò tó lè yí ọ̀rọ̀ aṣínà `Global Administrator` fúnra rẹ̀ padà. Ẹni tó bá jí ọ̀rọ̀ aṣínà ọ̀gbẹ́ni yìí ti débi gbogbo nìyẹn, òfin kò sì ní bi í ní nǹkan kan.

Ẹ wá kọjá sí `Exclude`. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà ní abala yìí ti bọ́ lọ́wọ́ òfin, ì báà tilẹ̀ wà ní `Include` pẹ̀lú. Ẹ bá ẹgbẹ́ kan níbẹ̀, ẹ ṣí i, ẹ rí àkáǹtì pàjáwìrì méjì. Ìyẹn bójú mu: a máa ń yọ wọ́n sílẹ̀ kí òfin tí a ṣì kọ má baà ti gbogbo ilé mọ́ta. Síbẹ̀, láti oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni Microsoft fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ẹ̀rí kejì lẹ́nu ọ̀nà Azure, kò sì yọ àkáǹtì pàjáwìrì sílẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tó ń lo ìlànà FIDO2, tí a tì mọ́nú séèfù, ló yẹ wọ́n.

Orúkọ kẹta nínú ẹgbẹ́ náà ni ti ọ̀kan nínú àwọn `Global Administrator` méjèèjì. Fóònù rẹ̀ sọnù nígbà kan, wọ́n yọ ọ́ sílẹ̀ kó lè ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kò sì sẹ́ni tó rántí dá a padà. Lórí `Conditions`, ẹnì kan tún ti kọ ọ́ pé kí òfin má ṣe mú ẹni tó bá wọlé láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì. Ó já sí pé nínú alábòójútó mẹ́fà, ẹnì kan ṣoṣo ni òfin yìí ń mú, nígbà tí kò bá sí ní ọ́fíìsì nìkan. Bẹ́ẹ̀ `On` ṣì wà lára rẹ̀.

A kì í fi ọwọ́ kan òfin tó ń ṣiṣẹ́ lójijì. Ẹ kọ tuntun tó mú gbogbo ipò 14, tí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ bí kò ṣe àkáǹtì pàjáwìrì méjèèjì, kí ẹ sì fi í sí `Report-only`. Ní ipò yìí, òfin á máa kọ ohun tí ì bá ṣe sílẹ̀, kò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ lọ sí `Sign-in logs`, kí ẹ ṣí ìwọlé alábòójútó kọ̀ọ̀kan. `Report-only: User action required` ń sọ pé òfin ì bá béèrè ẹ̀rí kejì lọ́wọ́ rẹ̀. `Report-only: Not applied` ń sọ pé òfin kò kàn án rárá. Irú èyí máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ipò rẹ̀ kò kọjá ẹ̀ka kan ṣoṣo nínú ilé-iṣẹ́, nítorí òfin tí a fi orúkọ ipò kọ kì í mú irú wọn. Orúkọ wọn ni kí ẹ kọ sínú òfin náà tààrà.

Àkọsílẹ̀ yìí náà ló máa tú àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò kà mọ́ àwọn mẹ́fà síta: ti ètò kan tó ń ṣe ẹ̀dà fáìlì lóru pẹ̀lú agbára alábòójútó. Ètò kò ní ìka, kò sì ní fóònù. Ẹ má yọ ọ́ sílẹ̀ nítorí ìyẹn o. Ẹ fún un ní ìdánimọ̀ tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí áàpù, pẹ̀lú ìwọ̀nba agbára tí iṣẹ́ rẹ̀ nílò, kí ẹ sì pa àkáǹtì náà.

Ó ku ohun tí a ó béèrè. Nọ́ńbà tó ń wọlé sórí fóònù sàn ju òfo lọ, ṣùgbọ́n olè lè gbé ojú ewé ayédèrú kalẹ̀, kí alábòójútó tẹ nọ́ńbà náà síbẹ̀, kí olè sì lò ó lójú ẹsẹ̀. Gbájú-ẹ̀ tó bá ti gba nọ́ńbà fóònù ẹni sórí síìmù tirẹ̀ kò tilẹ̀ ní wá ojú ewé kankan. Kọ́kọ́rọ́ FIDO2 kì í dá ojú ewé ayédèrú lóhùn. Nítorí náà ni mo ṣe fara mọ́ ọn pé ní `Grant`, kí a yan `Require authentication strength`, kí a sì mú `Phishing-resistant MFA` fún àwọn alábòójútó.

Kí ẹ tó sọ ọ́ di `On`, ẹ yẹ `User registration details` wò. Alábòójútó tí kò bá tíì forúkọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kò ní lè wọlé mọ́. Èyí tí kò tíì forúkọ ẹ̀rí kankan sílẹ̀ léwu jù ú lọ, nítorí ẹni tó bá kọ́kọ́ dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ lè fi fóònù ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rí kejì. Ẹ pe irú wọn wá sí ọ́fíìsì, kí ẹ rí ojú wọn, kí ẹ fún wọn ní `Temporary Access Pass` oníwákàtí kan, kí wọ́n sì forúkọ kọ́kọ́rọ́ wọn sílẹ̀ níwájú yín.