Oògùn Kan, Gbólóhùn Mẹ́ta

Lọ́dún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ń pa èèyàn lọ rẹrẹẹrẹ, àwọn dókítà ilẹ̀ Bìrìtéènì dán oògùn dẹkisamẹ́tásónì wò nínú ìwádìí tó ń jẹ́ Rìkọ́fárì. Ìbò ni wọ́n fi yan àwọn aláìsàn 2,104 tó máa lo oògùn náà. Ìtọ́jú tí ilé ìwòsàn ń ṣe tẹ́lẹ̀ nìkan ni 4,321 yòókù gbà. Wọ́n wá ka àwọn tó kú láàárín ọjọ́ 28. Oògùn kan ṣoṣo ni o, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ kọ àbájáde rẹ̀ láìpurọ́ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ lọ́nà mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn tí kò lo oògùn náà, nǹkan bí 41 ló kú; nínú àwọn tó lò ó, 29. Àlàfo náà tóbi ju ohun tí a lè ní ó ṣèèṣì lọ, ìbò tí wọ́n sì dì kò jẹ́ ká lè sọ pé ara àwọn kan ló ti le tẹ́lẹ̀. “Oògùn yìí dín ikú kù” ni ká kọ síbẹ̀. Ẹni tó bá kọ “ó jọ pé ó lè dín in kù” ti bu òótọ́ kù. Ìwà ojo ni mo ka ìyẹn sí, kì í ṣe ìrẹ̀lẹ̀.

Láàárín àwọn tó ń gba ọ́síjìn láìsí lórí ẹ̀rọ, 26 ló kú láìsí oògùn, 23 pẹ̀lú rẹ̀. Ìṣirò fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí ìdínkù náà kéré tó ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún, tàbí kó tó ìdá 28. Pé ikú dín kù kò fi bẹ́ẹ̀ ní iyèméjì nínú. Bó ṣe dín kù tó ni kò dájú. Ibẹ̀ gan-an ni kí ọ̀rọ̀ iyèméjì wà: “ó dín ikú kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò tíì mọ bó ti pọ̀ tó.”

Àwọn tí kò nílò ọ́síjìn ló ń kó òǹkọ̀wé sí wàhálà. Nǹkan bí 14 ló kú láìsí oògùn, ó sì sún mọ́ 18 pẹ̀lú rẹ̀. Akọ̀ròyìn kan lè sáré kọ ọ́ pé oògùn náà ń pa wọ́n, kí òmíràn kọ ọ́ pé kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Àwọn méjèèjì ti kọjá àyè wọn, torí ìṣirò kan náà gbà pé oògùn náà lè dín ikú kù ní ìdá 8, ó sì lè fi ìdá 55 kún un. Nígbà tí ìpẹ̀kun kan bá wà lápá ìdínkù, tí èkejì wà lápá àfikún, “dín kù” kò tọ́, “ń fà” náà kò tọ́. Ohun tó tọ́ ni: “A kò rí àǹfààní kankan, ó sì ṣeé ṣe kó ṣe wọ́n ní jàǹbá.”

Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìmọ̀ràn rẹ̀ jáde nínú oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ó fi ohùn líle pàṣẹ irú oògùn yìí fún àwọn tí àìsàn náà wọ̀ lára. Fún àwọn tí tiwọn kò le, ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ní kí wọ́n má ṣe lò ó.