Ohun tí sìkáànù kíndìnrín ń sọ fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru

Ìwé àbájáde sìkáànù kíndìnrín kì í gùn. Ojú ewé kan ni lọ́pọ̀ ìgbà, pẹ̀lú àwòrán dúdú àti funfun méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n so mọ́ ọn. Bí aláìsàn bá ti gbà á, ẹnu ọ̀nà ilé àyẹ̀wò níbẹ̀ ló ti máa ń ṣí i, tí á máa wá ọ̀rọ̀ tó bá jọ orúkọ àrùn. Èyí tó sì máa ń já a láyà jù kì í sábà jẹ́ èyí tó yẹ kó bà á lẹ́rù.

Ẹ jẹ́ ká gbé àpẹẹrẹ kan kalẹ̀. Kì í ṣe ìwé ẹnì kan pàtó, ṣùgbọ́n ó jọ ohun tí àwọn dókítà ń rí dáadáa. Awakọ̀ kan ní Ìbàdàn, ẹni ọdún 58, ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru fún ọdún 11. Bí orí bá ń fọ́ ọ ló máa ń lo oògùn; bí ara bá ti fúyẹ́, á pa á tì. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé kiriátínììnì rẹ̀ ti di 1.9 (àwọn ilé àyẹ̀wò tó ń lo ìwọ̀n kejì á kọ ọ́ sí 168), ni dókítà bá ní kó lọ ṣe sìkáànù. Ìwé tó mú dé sọ pé kíndìnrín ọ̀tún gùn tó sẹ̀ǹtímítà 9.1, tòsì 9.4. Wọ́n kọ “cortical thickness” síbẹ̀, wọ́n fi mìlímítà 6 sí i. Wọ́n kọ “simple cyst” sí ti òsì, ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2.3. Ní ìparí, wọ́n kọ “hydronephrosis” díẹ̀ sí méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ síìsìtì ló gbà á lọ́kàn. Kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó ti ń béèrè iye tí wọ́n ń gbà ṣe iṣẹ́ abẹ.

Síìsìtì kò ju àpò kékeré tí omi wà nínú rẹ̀ lọ. Ìró tí etí kò lè gbọ́ ni ẹ̀rọ sìkáànù ń rán wọ inú ara, ohun tó bá padà wá ló fi ń ya àwòrán. Omi kì í dá ìró padà, nítorí náà síìsìtì máa ń dúdú pátápátá lójú ẹ̀rọ, ara rẹ̀ á fẹ́lẹ́ á sì dán, ẹ̀yìn rẹ̀ á mọ́lẹ̀ ju àyíká lọ nítorí pé ìró gba inú omi kọjá láìpàdánù agbára. Bí àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, irú tí kò léwu ni. Ó wọ́pọ̀ gan-an lára ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Kò ní oògùn, kò sì nílò rẹ̀. Àfi bó bá tóbi débi tó ń fa ìrora tàbí tó ń di ọ̀nà ìtọ̀ ni dókítà máa ń fọwọ́ kàn án.

Ọ̀rọ̀ á yí padà bí ìwé bá sọ pé ara síìsìtì náà nípọn, pé ògiri pín inú rẹ̀ sí yàrá yàrá, tàbí pé ẹran kan hù sínú rẹ̀. Ìyẹn ló ń mú kí wọ́n ní kéèyàn lọ ṣe sìkáànù síítì. Ní 1986, dókítà awòran ará Amẹ́ríkà kan, Morton Bosniak, gbé ìlànà kan jáde tí wọ́n fi ń to àwọn síìsìtì sí ìpele, láti èyí tí kò ní jẹjẹrẹ nínú títí dé èyí tó ṣeé ṣe kó jẹ́ jẹjẹrẹ gan-an. Bí orúkọ rẹ̀ bá hàn nínú ìwé, nọ́mbà tó tẹ̀ lé e ló yẹ kéèyàn bi dókítà.

Síìsìtì tó kan ẹ̀jẹ̀ ríru ní tààrà jẹ́ irú mìíràn. Àrùn àjogúnbá kan wà tó ń mú kí síìsìtì kún kíndìnrín méjèèjì, tí wọ́n á sì máa tóbi sí i. Ẹ̀jẹ̀ ríru sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lára irú ẹni bẹ́ẹ̀ kí iṣẹ́ kíndìnrín tó dínkù, nígbà mìíràn nígbà tó ṣì wà ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Bí bàbá tàbí ìyá bá ní in, ọmọ kọ̀ọ̀kan lè jogún rẹ̀ bó ṣe lè má jogún rẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè tó kàn ni pé ta ló ti ní àrùn kíndìnrín nínú ẹbí. Fún ẹni ọdún 40 sí 59 tí òbí rẹ̀ ní àrùn náà, síìsìtì méjì nínú kíndìnrín kọ̀ọ̀kan tó láti sọ pé ó ti wà. Ẹyọ kan ṣoṣo ni awakọ̀ wa ní, kò sì sẹ́ni tó ní in nílé wọn. Ọ̀rọ̀ síìsìtì rẹ̀ parí síbẹ̀.

Haidironẹfirósíìsì kì í ṣe orúkọ àrùn. Ohun tó ń sọ ni pé ìtọ̀ ti kún ibi tó ń kó jọ sí nínú kíndìnrín, ó sì ti fẹ̀ ẹ́. Bí gọ́tà bá dí lójú títì, inú ọgbà ni omi ń padà sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtọ̀ tí kò rí ọ̀nà ìsàlẹ̀ gbà ṣe ń padà sókè. Bó bá jẹ́ kíndìnrín kan ṣoṣo ló kàn, òkúta tó há sọ́nà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fura sí. Bó bá jẹ́ méjèèjì, ìsàlẹ̀ ni ìdíwọ́ máa ń wà: pírósítéètì tó ti tóbi lára àgbà ọkùnrin, tàbí jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ lára obìnrin. Oyún náà máa ń fà á, ti oyún kì í sì í sábà léwu.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ aláìsàn kò mọ̀. Ilé àyẹ̀wò máa ń ní kéèyàn mu omi púpọ̀ kó sì mú ìtọ̀ mọ́ra kó tó wọlé. Àpò ìtọ̀ tó kún àkúnya lè mú kí kíndìnrín fẹ̀ díẹ̀ fún ìgbà náà nìkan. Ẹni tí wọ́n bá kọ ọ́ fún pé ó fẹ̀ díẹ̀, kó kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n tún un wò lẹ́yìn tó tọ̀ tán. Wọ́n tún ti awakọ̀ wò, kò sì lọ. Lẹ́yìn tó tọ̀ tán, mìlílítà 180 ṣì kù nínú àpò ìtọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tó yẹ kó kù kì í sábà tó 50. Pírósítéètì rẹ̀ ló ń dí i. Ó ti ń jí lẹ́ẹ̀mẹrin lóru láti tọ̀, ó kàn rò pé ọjọ́ orí ni.

Apá yìí nínú ìwé rẹ̀ ni kò ṣeé fi falẹ̀. Kíndìnrín tí wọ́n bá tètè tú sílẹ̀ lè gba agbára rẹ̀ padà. Èyí tó bá wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù púpọ̀ á máa tín-ín-rín lọ. Bí ibà tàbí òtútù bá tún dé bá ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ dí, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Dókítà kọ oògùn tamsulósìnì fún awakọ̀. Oògùn yìí lè mú kí ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ lójijì béèyàn bá dìde, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ sọ gbogbo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń lò, kó sì rọra máa dìde lórí bẹ́ẹ̀dì.

Èyí tó kù ni nọ́mbà tí kò tilẹ̀ wò: mìlímítà 6. Kọ́tẹ́ẹ̀sì ni apá òde kíndìnrín, níbi tí àwọn asẹ́ tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ wà, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan nínú kíndìnrín kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ru lọ́dún dé ọdún, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tìn-tín tó ń bọ́ àwọn asẹ́ náà á nípọn, ihò wọn á dínkù, asẹ́ tí kò rí ẹ̀jẹ̀ tó á kú, á di àpá. Àpá kì í tóbi, ó máa ń sún kì ni. Ìdí nìyẹn tí kọ́tẹ́ẹ̀sì fi ń fẹ́lẹ́, tí kíndìnrín fi ń kúrú. Ti àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le sábà máa ń wà láàárín mìlímítà 7 sí 10, kíndìnrín rẹ̀ á sì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 9 sí 12. Gígùn ti awakọ̀ ṣì wà ní ìsàlẹ̀ ohun tó yẹ, ṣùgbọ́n kọ́tẹ́ẹ̀sì rẹ̀ ti jáde. Wọ́n tún kọ ọ́ pé ó mọ́lẹ̀ ju ẹ̀dọ̀ lọ. Àmì àpá ni èyí máa ń jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè sọ ohun tó fa àpá náà.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru ni kíndìnrín rẹ̀ ń bàjẹ́ bákan náà. Ní 2010, àwọn onímọ̀ rí i pé àwọn ẹ̀yà kan lára àbùdá tí wọ́n ń pè ní APOL1, tó wọ́pọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí Yorùbá wà lára wọn, ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ kòkòrò àrùn oorun, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá ní ewu àrùn kíndìnrín ju ẹlòmíràn lọ.

Ẹ kíyè sí ìwọ̀n náà o. Àwọn kan ń wọn kọ́tẹ́ẹ̀sì nìkan. Àwọn mìíràn ń wọn gbogbo ẹran kíndìnrín títí dé àárín, tó sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 15 sí 20. Ẹni tó bá gba 16 lọ́dún tó kọjá, tó sì gba 8 lọ́dún yìí ní ibòmíràn, ó lè jẹ́ pé ibi tí wọ́n wọ̀n ló yàtọ̀. Ó sàn kéèyàn máa padà sí ilé àyẹ̀wò kan náà, kó sì mú ìwé àtijọ́ dání. Kó tún wo gígùn méjèèjì papọ̀: bí ọ̀kan bá fi ju sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀ lọ gùn ju èkejì, dókítà lè fura pé òpó ẹ̀jẹ̀ tó lọ síbi tó kéré ti há, èyí tó lè jẹ́ òun gan-an ló ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru náà.

Sìkáànù kò lè sọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ sí. Àwòrán lè dára pátápátá nígbà tí purotéènì ti ń jò sínú ìtọ̀, pàápàá lára ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, tí kíndìnrín rẹ̀ lè ṣì tóbi dáadáa. Kiriátínììnì 1.9 ti awakọ̀, bí wọ́n bá ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀ mọ́ ọn, fún un ní eGFR nǹkan bí 40, èyí tó ti wà lábẹ́ 60 tí wọ́n fi ń mọ̀ pé kíndìnrín ti rẹ̀yìn, bó bá wà bẹ́ẹ̀ ju oṣù mẹ́ta lọ.

Nítorí náà, dókítà ní kó máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lójoojúmọ́, kó yé ra ibupurofẹ́ẹ̀nì àti daikilofẹ́náàkì fún ẹ̀yìn tó ń dùn ún, kó sì tọ ìtọ̀ sínú ike kékeré fún àyẹ̀wò purotéènì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n á tún sìkáànù ṣe nígbà tó bá ti tọ̀ tán, wọ́n á sì tún kiriátínììnì wọ̀n. Bí ìtọ̀ bá ti ń lọ dáadáa, tí nọ́mbà náà sì wálẹ̀ sí nǹkan bí 1.5, ìdíwọ́ pírósítéètì ló ti ń dá kún un. Bí ìtọ̀ bá ń lọ tí nọ́mbà kò kúrò ní 1.9, àpá inú kọ́tẹ́ẹ̀sì ló fà á, dókítà kíndìnrín ni wọ́n á sì fi ìwé ránṣẹ́ sí.