Ìtúpalẹ̀ ìṣòro ọ̀dọ́langba nípa ara, ọkàn àti àwùjọ

Ìtúpalẹ̀ ìṣòro nípa ara, ọkàn àti àwùjọ jẹ́ àkọsílẹ̀ kúkúrú tí ń ṣàlàyé ìdí tí ìṣòro kan fi bẹ̀rẹ̀ lára ẹnì kan, àti ìdí tí kò fi lọ. Dókítà George Engel ló dábàá ìlànà yìí ní ọdún 1977.

Bí àpẹẹrẹ, ká ní ọmọbìnrin ọmọ ọdún 15 kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Inú ń run ún ní àràárọ̀ ọjọ́ ilé-ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n kì í run ún ní Sátidé. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí àrùn kankan.

'''Ohun tó la ọ̀nà sílẹ̀:''' ìyá rẹ̀ ti ní àìsàn ìpayà rí. Ọmọ náà sì jẹ́ onítìjú láti kékeré.

'''Ohun tó dá a sílẹ̀:''' ó kúrò ní Abigi, ní Ogun Waterside, wá sọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀. Àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi ẹ̀ka-èdè rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

'''Ohun tí kò jẹ́ kó tán:''' bí inú bá ti ń run ún, wọn a ní kó jókòó sílé. Ẹ̀rù náà a rọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ti ọjọ́ kejì a le sí i, iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ a sì máa pọ̀ lọ́rùn rẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí àkọsílẹ̀ parí sórí yẹ̀yẹ́. Bí yẹ̀yẹ́ tilẹ̀ dáwọ́ dúró, jíjókòó sílé ló ń bọ́ ẹ̀rù náà. Ibẹ̀ ni ìtọ́jú ti ń bẹ̀rẹ̀: kí ó máa padà lọ díẹ̀díẹ̀. Bí inú rírun náà bá ń jí i lóru, tàbí tó ń rù, a gbọ́dọ̀ tún ara yẹ̀ wò.