Róbótó Ìmọ́lẹ̀ Lẹ́yìn Fótò Alẹ́

Nínú fótò alẹ́ tí a fi fóònù yà, iná òpópónà tó wà lẹ́yìn èèyàn sábà máa ń hàn bí ààmì kéékèèké tó mú lójú. Kámẹ́rà tí ihò lẹ́ńsì rẹ̀ fẹ̀ dáadáa a máa sọ irú iná bẹ́ẹ̀ di róbótó rírọ̀. Àwòrán ihò lẹ́ńsì gan-an ni róbótó yẹn, ìdí sì nìyí tí etí rẹ̀ fi máa ń hàn díẹ̀.

Lórí Photoshop, gé ẹni náà sórí léyà tirẹ̀, kí o sì fi Gaussian Blur sọ ẹ̀yìn di bàìbàì. Mú Ellipse Tool, di Shift mú, kí o ya róbótó kan sórí iná náà, sí àárín léyà méjèèjì, kí èjìká lè bò ó mọ́lẹ̀. Inú iná gan-an ni kí o ti mú àwọ̀ rẹ̀, torí iná òpó tó pọ́n bí ọsàn kì í bá iná funfun ṣọ̀ọ̀bù dọ́gba. Yí léyà náà sí Screen, kí o dín Opacity kù sí bí 50%.

Ó ku Gaussian Blur ti róbótó fúnra rẹ̀. Bí Photoshop bá béèrè, yan Convert To Smart Object, kí o lè tún un ṣe lẹ́yìn náà. Fún róbótó tó fẹ̀ tó píksẹ́lì 120, 4 ti tó. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í: bí o bá fi 30 sí i, etí á pòórá, á wá dà bí iná inú kùrukùru. Lórí ògiri funfun, Screen kò ní fi nǹkan kan hàn. Ibi tó ṣókùnkùn ni kí o gbé e sí.