Ohun Tí JPEG Ń Jẹ Lára Àwòrán Tí A Bá Gé

Ẹni tó ń ta àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, mọ̀ pé oníbàárà tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò lè fọwọ́ kan aṣọ. Fọ́tò ni yóò wò kó tó sanwó. Ó tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ó yà á, ó gé etí tábìlì kúrò nínú fọ́tò, ó sì fi í pamọ́. Lọ́jọ́ kejì ó rí i pé ẹsẹ̀ ẹnìkan ṣì yọ nísàlẹ̀, ló bá mú èyí tó ti gé, ó tún gé e, ó tún fi í pamọ́. Nígbà tó yá, ó fẹ́ gbé e sórí Instagram, ó tún ti ara ẹ̀dà kejì yẹn gé òmíràn tí gígùn àti ìbú rẹ̀ dọ́gba. Nígbà tí oníbàárà fi ìka fẹ fọ́tò náà lójú fóònù, àwọn ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tí aládìrẹ fi ìyẹ́ adìẹ fà kò mú mọ́. Nǹkan kan bí eruku yí wọn ká nínú aró. Kámẹ́rà kò ṣe nǹkan kan, aṣọ kò sì ṣá. Ọ̀nà tí fáìlì JPEG ń gbà tọ́jú àwòrán ló fa gbogbo rẹ̀.

Àwòrán tí fóònù ń yà kún fún àmì àwọ̀ kéékèèké tí à ń pè ní píksẹ́lì. Tí ìbú àwòrán bá jẹ́ 4000, tí gíga rẹ̀ sì jẹ́ 3000, mílíọ̀nù 12 píksẹ́lì ló wà nínú rẹ̀. Báìtì mẹ́ta ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà, ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún àwọ̀ ewé, ọ̀kan fún búlúù. Bí a bá ní ká kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe rí, mẹ́gábáìtì 36 ni. Síbẹ̀, fáìlì JPEG rẹ̀ lè máà ju mẹ́gábáìtì mẹ́rin lọ. Ìyókù kì í ṣe pé a ká a jọ bí aṣọ tí a ká sínú àpótí. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni a ti dànù pátápátá. Ohun tí ìgbìmọ̀ Joint Photographic Experts Group, tí wọ́n fi orúkọ wọn pe JPEG, fẹnu kò lé lórí ní 1992 nìyẹn: ká ju ohun tí ojú èèyàn kò ní tètè rí nù, kí fáìlì lè kéré.

Báyìí ló ṣe ń dà á nù. Ó kọ́kọ́ pín àwòrán sí igun mẹ́rin kéékèèké, píksẹ́lì mẹ́jọ ní ìbú, mẹ́jọ ní gíga. Fọ́tò tí a sọ yìí yóò ní irú igun bẹ́ẹ̀ 187,500. Píksẹ́lì 64 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, JPEG a sì sọ wọ́n di òǹkà 64 mìíràn. Òǹkà àkọ́kọ́ ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ gbogbo igun náà ṣe pọ̀ tó lápapọ̀. Àwọn tó kù ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń yí padà nínú rẹ̀, láti orí èyí tó ń yí díẹ̀díẹ̀ títí dé orí èyí tó ń yí fìrìfìrì láàárín píksẹ́lì kan sí èkejì. Nasir Ahmed, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé ìṣirò yìí jáde ní 1974. Títí dé ibi yìí, kò tíì sí ohun gidi kan tó sọnù.

Ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ìpàdánù wà. JPEG ní tábìlì òǹkà kan lọ́wọ́. Ó ń fi òǹkà inú tábìlì pín òǹkà inú igun, a sì sún èsì rẹ̀ sí òǹkà odindi tó súnmọ́ ọn jù. Odindi yẹn nìkan ló ń kọ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe é. Ká ní mo jẹ yín ní ₦470, kò sí ṣéńjì lọ́wọ́ mi àfi ₦50 ₦50, a wá gbà pé kí n san iye tó bá súnmọ́ ọn jù. ₦450 ni màá san. Tó bá jẹ́ ₦200 nìkan ló wà lọ́wọ́ mi, ₦400 ni. Tó bá wá jẹ́ ₦1,000 nìkan, ẹ ò ní gba kọ́bọ̀, nítorí ₦470 kò tó ìdajì rẹ̀.

Owó ńlá yìí ni tábìlì JPEG fi ń bá ohun tẹ́ẹ́rẹ́ dúnàádúrà. Nínú tábìlì àpẹẹrẹ tó wà nínú ìwé ìlànà náà, 16 ló ń pín òǹkà àkọ́kọ́, èyí tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ gbogbogbò. Ṣùgbọ́n 99 ló ń pín èyí tó wà ní igun ìkẹyìn, tó ń sọ ìyípadà tó yára jù. Ìdí nìyẹn tí ojú ọ̀run tàbí ògiri funfun fi ń yè, tí ìlà àdìrẹ, etí lẹ́tà àti òwú aṣọ òkè fi ń jìyà. Ohun tí a ń fà sọ́tùn-ún fà sósì lábẹ́ orúkọ Quality nígbà tí a bá ń fi JPEG pamọ́ kò ju pé ká sọ àwọn òǹkà inú tábìlì yìí di kékeré tàbí ńlá lọ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé gbogbo ìgbà tí a bá ti ṣí JPEG ló ń bàjẹ́ sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣíṣí i, wíwò ó, dída á kọ láti inú fóònù sí kọ̀ǹpútà, kò kan ohun tó wà nínú rẹ̀. Kódà, tí a bá ṣí i nínú ẹ̀rọ àtúnṣe àwòrán, tí a kò yí nǹkan kan padà, tí a tún fi í pamọ́ pẹ̀lú tábìlì kan náà, ìpàdánù rẹ̀ kéré gan-an. ₦450 tí a ti san tẹ́lẹ̀, tí a bá tún fi ₦50 ₦50 san án, ₦450 náà ni. Ìyàtọ̀ bíńtín kan ṣì lè wọlé nígbà tí òǹkà bá padà di àwọ̀ píksẹ́lì, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìgbà mélòó kan, àwòrán a dúró sójú kan.

Gígé ló ń ba ètò yìí jẹ́. Láti òkè lápá òsì ni JPEG ti ń ka igun rẹ̀. Ká ní oníṣòwò wa gé píksẹ́lì 13 kúrò lápá òsì, ó gé márùn-ún kúrò lókè. Ibi tí àwòrán tuntun ti bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ibi tí igun àtijọ́ kankan ti bẹ̀rẹ̀. Igun tuntun àkọ́kọ́ yóò gba ìlà òró mẹ́ta láti ara igun àtijọ́ kan, yóò gba márùn-ún lára èyí tó tẹ̀ lé e. Bákan náà ló rí láti òkè wá sílẹ̀. Kò sí igun tuntun kan tí kò gùn lé mẹ́rin nínú ti àtijọ́, àyàfi ní etí. Ààlà tó wà láàárín àwọn igun àtijọ́, níbi tí àwọ̀ ti fò díẹ̀ nítorí sísún òǹkà, ti wá bọ́ sáàárín igun tuntun. JPEG kò mọ̀ pé àbùkù ni. Ó rò pé ara iṣẹ́ ọwọ́ aládìrẹ ni, ó sì ń sapá láti tọ́jú rẹ̀. Àwọn òǹkà tuntun tó jáde kò bá tábìlì mu mọ́, gbogbo wọn pátá ni a ó tún sún. Tí ẹ̀rọ kejì bá wá ń lo Quality tó yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ di ti ẹni tó gba ₦450 dípò ₦470, tí wọ́n tún fi ₦200 ₦200 san án: ₦400 ló kù, kò sì sẹ́ni tó lè ti ara ₦400 mọ̀ pé ₦470 ni tẹ́lẹ̀.

Àwọ̀ ní ìyà tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà fóònù kì í tọ́jú àwọ̀ píksẹ́lì lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin-mẹ́rin tó bá súnmọ́ra ni wọ́n ń fi àwọ̀ kan ṣojú fún, ìmọ́lẹ̀ nìkan ni wọ́n ń tọ́jú ní kíkún. Tí a bá gé 13, tí kì í ṣe òǹkà méjì-méjì, ìdìpọ̀ mẹ́rin tuntun yóò tún pa àwọn tí kò jọ wà tẹ́lẹ̀ pọ̀. Níbi tí pupa bá ti pàdé dúdú ni a ti kọ́kọ́ ń rí i: pupa náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn kọjá ààlà rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá fọ́tò òun ti jẹ irú ìyà yìí, kó fẹ ẹ́ tóbi, kó má wo ojú èèyàn. Kó wo etí lẹ́tà tàbí ìlà tó mú, bóyá àmì bí ẹ̀fọn kéékèèké ń rá bàbà yí i ká. Lẹ́yìn náà kó wo ibi tó tẹ́jú, bóyá igun mẹ́rin-mẹ́rin ti ń hàn.

Ọ̀nà kan wà láti gé JPEG láìpàdánù, èmi sì rò pé ó yẹ kí àwọn oníṣòwò orí ayélujára mọ̀ ọ́n ju bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n lọ. jpegtran lorúkọ ẹ̀rọ náà. Ọ̀fẹ́ ni, ọ̀dọ̀ Independent JPEG Group ló ti wá. Kì í sọ òǹkà padà di píksẹ́lì rárá. Ó kàn ń mú igun tí a fẹ́ bí wọ́n ṣe wà, òǹkà wọn kò yí padà, ó ń fi èyí tí a kò fẹ́ sílẹ̀. Fún àdìrẹ wa, àṣẹ rẹ̀ lè rí báyìí:

```
jpegtran -copy all -crop 1200x1200+48+32 -outfile adire2.jpg adire.jpg
```

1200x1200 ni ìwọ̀n tí a fẹ́. 48 ni ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ láti òsì, 32 láti òkè. Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú wọn ni. Nítorí ọ̀rọ̀ àwọ̀ tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, ìdìpọ̀ tí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ń lò jẹ́ 16 lọ́nà 16, 48 sì jẹ́ 16 lọ́nà mẹ́ta, 32 lọ́nà méjì. Tí ẹ bá kọ 53 dípò 48, kò ní bá yín jà, ṣùgbọ́n yóò padà sẹ́yìn sí 48 fúnra rẹ̀. Apá ọ̀tún yóò dúró síbi tí ẹ fi í sí, ìbú yóò wá di 1205, píksẹ́lì márùn-ún tí ẹ kò fẹ́ yóò kù lápá òsì. Lókè àti lósì nìkan ni òfin yìí wà. Ìsàlẹ̀ àti ọ̀tún lè parí síbi tó bá wù yín. Ẹni tí kò fẹ́ràn kíkọ àṣẹ lè lo IrfanView lórí Windows, tó ní irú gígé yìí nínú.

Ẹ ṣọ́ ohun kan o: -copy all ń dá gbogbo àlàyé tí kámẹ́rà kọ sínú fáìlì sí, títí kan àwòrán kékeré ìfihàn. Ẹsẹ̀ tí ẹ gé kúrò lè ṣì wà nínú àwòrán kékeré yẹn. -copy none ni ẹ óò lò tí ohun tí ẹ gé bá jẹ́ àṣírí.

jpegtran kò lè tan ìmọ́lẹ̀ sí àwòrán, kò sì lè kun àbàwọ́n. Tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wà, PNG tàbí TIFF ni kí ẹ fi pamọ́ títí iṣẹ́ yóò fi parí. PNG ń ká nǹkan jọ láìda nǹkan kan nù, ẹ lè fi í pamọ́ nígbà ọgọ́rùn-ún, òǹkà kan kò ní yẹ̀. Fáìlì rẹ̀ sábà máa ń tóbi ní ìlọ́po mélòó kan ju JPEG lọ, ìyẹn ni owó rẹ̀. Kò sì lè wo ohun tó ti bàjẹ́ sàn: JPEG tó ti jìyà, tí a sọ di PNG, àbùkù rẹ̀ la tọ́jú láìpàdánù. GIMP ti ya nǹkan méjèèjì sọ́tọ̀: Save ń kọ fáìlì XCF tí kò pàdánù nǹkan kan, Export As la fi ń mú JPEG jáde nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí.

Fún oníṣòwò tó ń lo fóònù nìkan, èyí tó rọrùn jù ni kó fi fọ́tò àkọ́kọ́ sílẹ̀ láìfọwọ́kàn, kó máa ti ara rẹ̀ gé ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, dípò kó máa gé ọmọ láti ara ọmọ. Ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan yóò pàdánù lẹ́ẹ̀kan péré. Tó bá sì fẹ́ fi ránṣẹ́ sí oníbàárà lórí WhatsApp, kó fi í ránṣẹ́ bíi Document, nítorí tó bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, WhatsApp yóò tún sún òǹkà tirẹ̀ lé e lórí.