Yọ lẹ́tà kan kúrò

Nínú eré yìí, lẹ́tà kan ṣoṣo là ń yọ nínú ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìyókù sì gbọ́dọ̀ nítumọ̀ láìtún un tò.

Ẹ mú "ẹran". Bí ẹ bá kọ́kọ́ yọ "r", "ẹan" ló kù, kò sì nítumọ̀. Ẹ yọ "ẹ" dípò rẹ̀: "ran", bí a ṣe ń ran òwú. Ẹ yọ "n": "ra", bí a ṣe ń fi ìpara ra ara. Ẹ wá yọ "r": "a", bíi ti "a lọ". Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni pé ohùn àárín ni gbogbo wọn, àmì kankan kò yí padà.

Ẹ ṣọ́ra fún "gb". Ó dà bíi pé "agbo" lè di "abo", ṣùgbọ́n lẹ́tà kan ni "gb", a kì í là á sí méjì.